Èèrà nínú ìkòkò ohun ọ̀gbìn: Bí ẹ ṣe lè lé wọn jáde láì ba gbòǹgbò jẹ́

Àwọn tó ń gbin ọsàn wẹ́wẹ́, ata, efírín tàbí òdòdó sínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé mọ ìṣòro kan tó máa ń yọjú nígbà ọyẹ́. Èèrà á kó wọ inú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò náà, wọn á sì sọ ọ́ di ilé. Bí ẹni tó ni ín bá bu omi sí i, èèrà á rọ́ jáde láti ihò ìsàlẹ̀, wọn á gun ara ògiri, nígbà tó bá sì yá, wọn á padà sí ibi tí wọ́n ti wá.

Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kọ́kọ́ máa ń ṣe ni pé kí wọ́n da apakòkòrò, kẹrosíìnì tàbí omi gbígbóná sínú ìkòkò náà. Èèrà lè kú lóòótọ́, ṣùgbọ́n gbòǹgbò náà lè bá a lọ. Bí ó bá sì jẹ́ ohun jíjẹ ni wọ́n gbìn síbẹ̀, májèlé tí wọ́n dà sí iyẹ̀pẹ̀ lè dé inú ọbẹ̀.

Omi tútù lásán tó láti lé èèrà kúrò nínú ọ̀pọ̀ ìkòkò. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní láti mọ̀ pé iṣẹ́ omi níbí kì í ṣe láti pa èèrà. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti mú kí ibẹ̀ ṣòro láti gbé, kí àwọn fúnra wọn lè kẹ́rù jáde.

Kí ló ń mú èèrà wọ inú ìkòkò?

Àwọn àgbà ní bí kò bá nídìí, obìnrin kì í jẹ́ Kúmólú. Èèrà kì í dédé wọ inú ìkòkò. Nǹkan méjì ló sábà máa ń fà á.

Àkọ́kọ́ ni gbígbẹ iyẹ̀pẹ̀. Èèrà ń wá ibi tó fúyẹ́, tí kò tutù jù, tí wọ́n sì lè gbẹ́ ihò sí láì jẹ́ pé omi ń ya wọ ọ̀dọ̀ ẹyin wọn. Láàárín oṣù Kejìlá sí oṣù Kejì, tí afẹ́fẹ́ ọyẹ́ ń fẹ́ láti aṣálẹ̀ Sàhárà, iyẹ̀pẹ̀ inú ìkòkò máa ń yára gbẹ títí dé àárín. Ó tún máa ń súnkì kúrò lára ògiri ìkòkò. Omi tí wọ́n bá bù sí i á gba àlàfo ẹ̀gbẹ́ náà kọjá lọ sísàlẹ̀, àárín á sì wà ní gbígbẹ. Àárín yẹn gan-an ni èèrà fẹ́.

Ìkejì ni oúnjẹ. Àwọn kòkòrò kéékèèké kan wà tó ń fa omi ara ewé àti ẹ̀ka mu. Òmíràn funfun, ó sì rí bí òwú. Òmíràn lẹ̀ mọ́ ara igi bí èèpá. Ìgbẹ́ wọn jẹ́ omi dídùn tó ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́, èèrà sì fẹ́ràn rẹ̀ púpọ̀. Nítorí omi dídùn yìí, èèrà máa ń ṣọ́ àwọn kòkòrò náà bí darandaran ṣe ń ṣọ́ ẹran. Wọ́n ń lé àwọn kòkòrò mìíràn tó fẹ́ pa wọ́n jẹ, wọ́n sì lè gbé wọn láti ẹ̀ka kan lọ sí òmíràn.

Àwọn àgbẹ̀ kòkó ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà ti jìyà àjọṣe yìí. Ní ọdún 1936 ni wọ́n ṣàkíyèsí àrùn tó ń mú kí ẹ̀ka kòkó wú ní Gánà, nígbà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣì ń ṣàkóso ibẹ̀. Ìwádìí fi hàn lẹ́yìn náà pé fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á, àti pé àwọn kòkòrò funfun bí òwú yìí ló ń gbé e láti igi kan dé òmíràn. Èèrà ló sì ń dáàbò bo àwọn kòkòrò náà, débi pé wọ́n ń fi ìdọ̀tí àti iyẹ̀pẹ̀ kọ́ ìbòrí lé wọn lórí. Àrùn kòkó yìí kọ́ ló ń bá ọsàn wẹ́wẹ́ inú ìkòkò jà, ṣùgbọ́n irú àjọṣe kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ lórí rẹ̀.

Ṣé èèrà ń jẹ gbòǹgbò ni?

Ọ̀pọ̀ jù lọ èèrà tó ń kó sínú ìkòkò kì í jẹ gbòǹgbò. Ewu wọn wà nínú ihò tí wọ́n ń gbẹ́. Níbi tí ihò bá pọ̀ sí, irun gbòǹgbò tó ń fa omi á máa rọ̀ sínú afẹ́fẹ́ dípò kó fara kan iyẹ̀pẹ̀, á sì gbẹ. Ìdí nìyí tí ewé fi lè rọ bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n ń bomi rin ín lójoojúmọ́.

Ikán yàtọ̀ sí èyí. Ikán kì í fẹ́ rìn ní gbangba. Abẹ́ ọ̀nà tí wọ́n fi amọ̀ bò ni wọ́n ń gbà, wọ́n sì lè jẹ igi àti gbòǹgbò. Bí ẹ bá rí ọ̀nà amọ̀ lára ìkòkò tàbí lára igi, ìtọ́jú mìíràn ló nílò, kì í ṣe èyí tí a ń ṣàlàyé yìí.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé ibẹ̀ ni ilé wọn?

Kì í ṣe gbogbo èèrà tí ẹ bá rí lórí ìkòkò ló ń gbé inú rẹ̀. Àwọn kan kàn ń gba ibẹ̀ kọjá lọ sórí ewé láti lá omi dídùn ni. Bí ẹ bá ri ìkòkò irú àwọn bẹ́ẹ̀ sínú omi, wàhálà lásán ni, nítorí ilé wọn wà níbòmíràn.

Ẹ mú igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kí ẹ tì í bọ inú iyẹ̀pẹ̀ náà ní ìwọ̀n sẹ̀ntímítà 5, ní ẹ̀gbẹ́ ìkòkò níbi tí gbòǹgbò ńlá kò sí. Ẹ rọra mì í, kí ẹ sì dúró fún ìṣẹ́jú kan. Bí èèrà bá rọ́ jáde, tí àwọn kan sì gbé ohun funfun bí hóró ìrẹsì kékeré sẹ́nu, ẹyin àti ọmọ wọn nìyẹn. Ilé wọn nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ pé èèrà díẹ̀ ló ń rìn kiri láì gbé nǹkan kan, ẹ tọ ipasẹ̀ wọn lọ títí ẹ ó fi mọ ibi tí wọ́n ti ń wá.

Kí nìdí tí omi fi ń ṣiṣẹ́?

Èèrà kì í tètè kú sínú omi. Ihò kéékèèké tó wà lára rẹ̀ ló fi ń mí, ó sì lè pa àwọn ihò náà dé. Èèrà tó ti wà lábẹ́ omi fún ọ̀pọ̀ wákàtí lè dà bí òkú, kó tún jí nígbà tí ara rẹ̀ bá gbẹ. Nítorí náà, ẹni tó bá rò pé òun ti pa wọ́n tán, tó sì da omi náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkòkò, lè bá wọn nínú ilé wọn lọ́jọ́ kejì.

Ṣùgbọ́n bí omi bá ń rọra gòkè láti ìsàlẹ̀, èèrà máa ń ṣe ohun tó ń ṣe nígbà òjò ńlá: á gbé ẹyin, á gbé ọmọ, á sì máa gun òkè. Bí ó bá rí afárá tó lọ sí ibi gbígbẹ, á gbà á. Bí omi bá ya wọlé lójijì láti òkè, afẹ́fẹ́ á há sínú ihò wọn, ìyá wọn á sì jókòó síbẹ̀ láì séwu títí omi náà á fi lọ.

Gbòǹgbò náà ń mí. Afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀ ló ń lò, ọ́síjìn kì í sì í yára rìn nínú omi bó ṣe ń rìn nínú afẹ́fẹ́. Èyí ló fà á tí gbòǹgbò tó bá pẹ́ nínú omi fi ń jẹrà. Àmọ́ wákàtí kan kò tó láti ṣe ọ̀pọ̀ jù lọ ohun ọ̀gbìn ní jàǹbá. Àárín àkókò tó ń lé èèrà jáde àti àkókò tó ń pa gbòǹgbò lára ni gbogbo iṣẹ́ yìí wà.

Àpẹẹrẹ kan: ọsàn wẹ́wẹ́ ní Àbújá

Ẹ jẹ́ ká fi igi ọsàn wẹ́wẹ́ kan ṣe àpẹẹrẹ, tó wà nínú ìkòkò oníke ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé kan ní Àbújá nínú oṣù Kínní. Ẹnu ìkòkò náà fẹ̀ tó sẹ̀ntímítà 25, ó sì ga tó 23. Ewé rẹ̀ ti ń rọ, omi tí wọ́n bá bù sí i ń jáde lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ti fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dán an wò, wọ́n rí ẹyin.

Ohun tí wọ́n nílò kò pọ̀. Ike ọ̀dà tó gba lítà 20 tó láti gba ìkòkò náà. Wọ́n tún nílò omi tó tó lítà 12 tí kò tutù jù tí kò sì gbóná, igi gígùn kan, òkúta wíwúwo kan, àti ìkòkò mìíràn tó ní iyẹ̀pẹ̀ tó rin díẹ̀ nínú.

Àárọ̀ kùtùkùtù ni kí wọ́n ṣe é, kí oòrùn tó mú, kí ewé tó ń rọ má bàa jìyà méjì pọ̀. Kí wọ́n gbé gbogbo rẹ̀ jìnnà sí ògiri ilé. Wọ́n á gbé ìkòkò ọsàn sínú ike òfìfo náà, wọ́n á sì fi òkúta lé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lórí, nítorí ìkòkò oníke tí iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ gbẹ máa ń léfòó. Wọ́n á gbé orí igi gígùn kan lé iyẹ̀pẹ̀, kí orí rẹ̀ kejì wà nínú ìkòkò tó ní iyẹ̀pẹ̀ rírin. Igi yìí ni afárá. Ẹ̀ka ọsàn kò gbọ́dọ̀ fara kan ohunkóhun mìíràn.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa da omi sí àárín ike àti ìkòkò, kì í ṣe sórí iyẹ̀pẹ̀. Ife tó gba lítà kan ní ìṣẹ́jú 2 sí 3 ti tó. Ìyẹn ni pé omi náà á gbà tó ìdajì wákàtí kó tó bo iyẹ̀pẹ̀. Láàárín àkókò yìí, wọ́n á rí i tí èèrà ń gbé ẹyin wọn kọjá lórí igi. Kì í ṣe gbogbo wọn ló ń rí afárá náà. Àwọn kan á gun ẹ̀ka ọsàn. Wọ́n lè gbọn ẹ̀ka náà jẹ́jẹ́ kí wọ́n lè já bọ́.

Bí omi bá ti ga ju iyẹ̀pẹ̀ lọ ní sẹ̀ntímítà 2, kí wọ́n má dà á mọ́. Ìfóófó afẹ́fẹ́ á máa yọ sókè láti inú ihò. Bí ìfóófó bá dáwọ́ dúró, ó túmọ̀ sí pé omi ti dé ibi gbogbo. Láti ìgbà náà, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún 20 sí 30 ìṣẹ́jú péré. Èèrà tó bá léfòó, kí wọ́n fi asẹ́ kó o, kí wọ́n má sì gbà pé ó ti kú.

Wọ́n á gbé ìkòkò tó ní iyẹ̀pẹ̀ rírin, tí èèrà ti kó wọ̀, lọ sí ibi tó jìnnà sí ilé. Wọ́n á wá gbé ìkòkò ọsàn jáde, wọ́n á gbé e lé bíríkì méjì, wọ́n á sì jẹ́ kí omi ro kúrò nínú rẹ̀ fún wákàtí kan ní abẹ́ ìbòòji. Kí ó má ṣe jókòó sínú àwo tó ní omi, nítorí ibẹ̀ ni ìjẹrà gbòǹgbò ti ń bẹ̀rẹ̀. Iyẹ̀pẹ̀ á ti rọ̀ sílẹ̀ díẹ̀ nítorí ihò tó wó. Wọ́n á fi iyẹ̀pẹ̀ tuntun dí àlàfo náà láì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ gan-in.

Bí wọ́n bá padà ńkọ́?

Ìrìbọmi kan kì í sábà tó. Lẹ́yìn bí ọ̀sẹ̀ kan, nígbà tí sẹ̀ntímítà 2 àkọ́kọ́ iyẹ̀pẹ̀ náà bá ti gbẹ, ẹ tún fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ dán an wò. Bí ẹyin bá ṣì wà, ẹ tún un ṣe. Ẹ má ṣe tún un ṣe lójoojúmọ́, nítorí gbòǹgbò nílò àkókò láti mí.

Èèrà kan wà tó wọ́pọ̀ ní Áfíríkà tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ní orí ńlá. Ilé kan lè ní ju ìyá ẹyọ kan lọ, èyí sì ni kò jẹ́ kí ó rọrùn láti lé e. Bí ẹ bá ti ri ìkòkò bọ omi lẹ́ẹ̀mẹta tí èèrà ṣì ń padà, ó tó àkókò láti yí iyẹ̀pẹ̀ padà. Ẹ rọra yọ ohun ọ̀gbìn náà jáde, kí ẹ fi ìka gbọn iyẹ̀pẹ̀ tó wà lẹ́yìn òde gbòǹgbò kúrò, kí ẹ sì fi omi tó ń rọra ṣàn fọ àárín rẹ̀. Ẹ má ṣe fa gbòǹgbò tó bá lọ́ mọ́ ara wọn. Èyí tó dúdú, tó rọ̀, tó sì ń rùn nìkan ni kí ẹ gé. Bí ẹ bá rí ohun funfun bí òwú lára gbòǹgbò, kòkòrò tí èèrà ń sìn ti wọ abẹ́ ilẹ̀ nìyẹn. Ẹ fọ̀ ọ́ dànù. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti gbìn ín sínú iyẹ̀pẹ̀ tuntun, ẹ gbé e sí abẹ́ ìbòòji fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ọ̀nà yíyí iyẹ̀pẹ̀ padà yìí náà ló dára jù fún ètí erin àti ọrọ́ agogo, tí wọ́n ń tọ́jú omi sínú ara wọn. Wọn kò fẹ́ràn iyẹ̀pẹ̀ tó tutù fún ọjọ́ púpọ̀ lẹ́yìn ìrìbọmi. Fún wọn, ẹ gbọn iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ kúrò ní gbígbẹ, kí ẹ sì lo iyẹ̀pẹ̀ oníyanrìn. Irúgbìn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn, tí gbòǹgbò rẹ̀ kò tíì di ilẹ̀ mú, kò yẹ fún ìrìbọmi náà.

Kí ni kò yẹ kí ẹ dà sínú ìkòkò?

Omi gbígbóná àti kẹrosíìnì ń pa irun gbòǹgbò. Iyọ̀ ń gba omi mọ́ gbòǹgbò lọ́wọ́. Ọṣẹ dúdú dára fún ara, ṣùgbọ́n omi eérú ni wọ́n fi ń ṣe é, bó bá sì pọ̀ nínú iyẹ̀pẹ̀ ìkòkò, kì í bá ọsàn lára mu.

Èyí tó léwu jù ni apakòkòrò olómi tí wọ́n ń pè ní ọ̀tápíàpíà, tó sábà máa ń ní dáíkílọ́fọ́ọ̀sì nínú. Ó lè ṣe ènìyàn ní jàǹbá bí ó bá fara kan awọ tàbí tí ènìyàn bá fà á símú. Ní ọdún 2019, NAFDAC, àjọ tó ń mójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Nàìjíríà, gbé ìgbésẹ̀ láti fòpin sí títa dáíkílọ́fọ́ọ̀sì inú ike kékeré ní ọjà. Kò yẹ kí ó dé inú ìkòkò tí ẹ ti ń já efírín tàbí ata.

Bí ẹ bá fẹ́ lo ìdẹ tó ní bọ́ríìkì ásíìdì, kí ó wà ní ojú ọ̀nà èèrà, ní ìta ìkòkò. Gíráàmù 1 rẹ̀ àti gíráàmù 10 ṣúgà nínú mílílítà 100 omi ti tó. Bí ó bá lágbára ju bẹ́ẹ̀ lọ, èèrà á kú lójú ọ̀nà láì gbé e dé ọ̀dọ̀ ìyá wọn. Igi ọsàn kì í fara da bọ́rọ́ọ̀nì púpọ̀, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ kán sínú iyẹ̀pẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ wà níbi tí ọwọ́ ọmọdé yóò ti tó o.

Kí ni kò ní jẹ́ kí wọ́n padà?

Ẹni tó bá lé èèrà tó fi oúnjẹ wọn sílẹ̀ kò tíì parí iṣẹ́. Ẹ yí ewé wò lábẹ́, kí ẹ sì wo ibi tí ẹ̀ka ti ya. Bí ẹ bá rí ohun tó rí bí òwú tàbí èèpá, tàbí tí ojú ewé ń lẹ̀ mọ́ ọwọ́ tó sì dúdú bí ìdí ìkòkò orí iná, ẹ fi aṣọ rírọ̀ tí ẹ rì sínú omi ọṣẹ díẹ̀ nù ún, kí ẹ sì fi omi tó mọ́ ṣan án. Ẹ tún un ṣe lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀ títí kò fi ní sí mọ́.

Nípa iyẹ̀pẹ̀, ẹ má ṣe máa bu omi díẹ̀ díẹ̀ sójú rẹ̀ nígbà ọyẹ́. Ẹ bù ú títí yóò fi jáde nísàlẹ̀, kí ẹ dúró fún ìṣẹ́jú 10, kí ẹ sì tún bù ú lẹ́ẹ̀kan sí i kí àárín lè rin. Ẹ wá dúró títí ojú rẹ̀ yóò fi gbẹ kí ẹ tó tún bomi rin ín.

Ohun tó kù ni ọgbọ́n tí ọ̀pọ̀ ìdílé ti mọ̀ tipẹ́, tí wọ́n fi ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ sáàárín àwo omi kí èèrà má bàa dé ibẹ̀. Ẹ gbé òkúta sáàárín àwo fífẹ̀ kan, kí ẹ gbé ìkòkò ohun ọ̀gbìn lé òkúta náà, kí ẹ sì bu omi sínú àwo. Omi kò gbọ́dọ̀ kan ìdí ìkòkò, ewé kò sì gbọ́dọ̀ kan ògiri, nítorí ewé kan ṣoṣo tó bá kan ògiri ti di afárá. Ẹ máa da omi náà nù ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ̀fọn má bàa pa ọmọ sínú rẹ̀.